Bàbá AS, ìyá AS, ọmọ mẹ́ta tí kò sí SS nínú wọn: báwo lẹ ṣe ń ṣàlàyé ti ẹ̀kẹrin fáwọn akẹ́kọ̀ọ́?

Olùkọ́Tuntun
Ẹ̀yin tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kọ́ kíláàsì mi bí bàbá AS àti ìyá AS ṣe lè bí ọmọ SS, wọ́n sì ya àpótí Pọ́nẹ́ẹ̀tì náà dáadáa. Mo wá bi wọ́n pé: tọkọtaya kan, AS làwọn méjèèjì, wọ́n ti bí ọmọ mẹ́ta, kò sí SS nínú wọn, báwo ni ti ẹ̀kẹrin ṣe máa rí? Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kọ ọ́ pé ẹ̀kẹrin gbọ́dọ̀ jẹ́ SS. Kí ni mo lè ṣe tó máa yé wọn?

Ẹfun_Bọ́ọ̀dù
Àwòrán ojú bọ́ọ̀dù nìkan ò tó, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Èmi máa ń gé páálí mẹ́rin, mo máa kọ AA sí ọ̀kan, AS sí méjì, SS sí ìkẹrin, mo máa kó gbogbo ẹ̀ sínú báàgì dúdú, ọmọ kan á wá mú ọ̀kan, ẹlòmíì á tún mú ọ̀kan títí tó fi máa tán. Wọ́n á rí i pé kò sẹ́ni tó mọ èyí tó máa bọ́ sóun lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú mẹ́rin ni SS, ó parí.

Àgbà_Láàbù
Ẹfun_Bọ́ọ̀dù, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀kan nínú mẹ́rin tẹ́ ẹ sọ yẹn tọ̀nà, àmọ́ báàgì yẹn gan-an ló ń gbin ohun tó ń dààmú Olùkọ́Tuntun sí wọn lórí. Ẹ wò ó, páálí mẹ́rin ló wà níbẹ̀, tí ọmọ mẹ́ta bá ti mú AA, AS àti AS, tí wọn ò sì dá a padà, kí ló kù nínú báàgì? SS nìkan ló kù. Ọmọ tó wá kọ ọ́ pé ẹ̀kẹrin gbọ́dọ̀ jẹ́ SS mọ ìṣirò báàgì dáadáa, báàgì ni ò jọ oyún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni pé wọ́n ń ka ojú àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bíi pé ọmọ mẹ́rin ni. Ọmọ kọ́ ló wà níbẹ̀ o. Ọ̀nà mẹ́rin tí àtọ̀ kan àti ẹyin kan lè gbà pàdé ló wà níbẹ̀, fún oyún kan ṣoṣo. Oyún míì bá dé, odindi àpótí yẹn lẹ máa tún yà láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì tún wà ńbẹ̀, kò sí èyí tí wọ́n ti lò tán.

Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ látorí ọmọ rárá, ara bàbá ni mo máa ti bẹ̀rẹ̀. Jíìnì tá à ń sọ yìí wà lórí kírómósóòmù kọkànlá, méjì-méjì lèèyàn sì ní in, ọ̀kan látọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan látọ̀dọ̀ ìyá. Ti bàbá AS, ọ̀kan nínú méjèèjì ni A, èkejì ni S. Nígbà tí ara ẹ̀ bá ń ṣe àtọ̀, méjèèjì á pínyà, ẹyọ àtọ̀ kan ò lè gbé ju ọ̀kan lọ, torí náà ìdajì àtọ̀ náà ló máa gbé A, ìdajì tó kù á gbé S. Bó ṣe rí nínú ẹyin ìyá náà nìyẹn, ẹyin kan, lẹ́tà kan. Èyí tó máa pàdé èyí, kò sẹ́ni tó yàn án.

Ẹ wá bi wọ́n pé: lẹ́yìn tí wọ́n ti bí ọmọ mẹ́ta tí kì í ṣe SS, ṣé àtọ̀ tó ń gbé S ti wá pọ̀ sí i lára bàbá ni? Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá yín lóhùn fúnra wọn. Ìdajì ló wà, ìdajì ló ṣì wà. Ọ̀kan nínú mẹ́rin ni ti ẹ̀kẹrin, bó ṣe jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin fún àkọ́bí.

ÌyáMẹ́rin
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín ní tèmi. AS lèmi, AS lọkọ mi, a mọ̀ ká tó fẹ́ra. Ọmọ mẹ́rin la bí, a yẹ gbogbo wọn wò, méjì AA, méjì AS, kò sí SS kankan. Ẹnì kan sọ fún mi pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé ó ní láti jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwa méjèèjì kì í ṣe AS lóòótọ́, pé ká lọ tún tẹ́ẹ̀sì ṣe. Látìgbà yẹn ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Ṣé ó yẹ kí SS kan wà nínú wọn ni?

OníṢírò
Mà, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sóhun tó ṣàjèjì nínú ti yín rárá. Oyún kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta nínú mẹ́rin ni pé kò ní jẹ́ SS. Ti mẹ́rin tẹ̀ léra, ẹ máa sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà mẹ́rin:

3/4 × 3/4 × 3/4 × 3/4 = 81/256

Ìyẹn súnmọ́ 32 nínú 100. Tẹ́ ẹ bá kó tọkọtaya AS àti AS tó bí ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin jọ, bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ni kò ní bí SS kankan. Ẹni tó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀ ń ka ojú àpótí bí ọmọ, ohun kan náà táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ni. Àwọn ọmọ yín ò sì fi nǹkan kan hàn pé tẹ́ẹ̀sì yín ò dáa, AA, AA, AS, AS, gbogbo ẹ̀ ló lè jáde lára AS àti AS.

Olùkọ́Tuntun, ohun tẹ́ ẹ lè ṣe nínú kíláàsì rèé. Owó ẹyọ ni kẹ́ ẹ lò dípò báàgì, torí owó ẹyọ kì í tán, ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá jù ú sókè, ojú méjèèjì ṣì wà lára ẹ̀. Ẹ lẹ pépà mọ́ ọn, A lójú kan, S lójú kejì. Ọmọ méjì-méjì ló máa jókòó pọ̀, ọ̀kan ni bàbá, ọ̀kan ni ìyá, kálukú pẹ̀lú owó ẹyọ tiẹ̀. Wọ́n á jù ú lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó bá hàn lójú méjèèjì ni àkọ́bí, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á tún jù ú fún ìkejì, títí dórí ẹ̀kẹrin. Kí wọ́n kọ ọ́ ní títẹ̀léra o, ìyẹn ṣe pàtàkì, kí wọ́n má kàn ka iye SS lásán.

Ká ní ọmọ 40 ló wà ní kíláàsì, ìyẹn ìjókòó 20, tí ìjókòó kọ̀ọ̀kan bá ṣe ìdílé méjì, ìdílé 40 lẹ ní lójú bọ́ọ̀dù. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa retí ni pé bíi 13 nínú wọn ò ní ní SS kankan, bíi 17 á ní ẹyọ kan, bíi 8 á ní méjì, ọ̀kan tàbí méjì á ní mẹ́ta. Kò ní bọ́ síbẹ̀ géẹ́ o, ẹ máà jẹ́ kó bà yín lẹ́rù tó bá lọ sókè tàbí sílẹ̀.

Ibi tó máa dáhùn ìbéèrè yín gan-an ló kù báyìí. Ẹ ní kí gbogbo ìdílé tí ọmọ mẹ́ta àkọ́kọ́ wọn kì í ṣe SS dìde dúró. Nínú 40, ó máa tó bíi 17. Ẹ wá ní kí àwọn tí ẹ̀kẹrin wọn jẹ́ SS ṣẹ́wọ́. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ẹ̀kẹrin gbọ́dọ̀ jẹ́ SS, gbogbo àwọn tó dúró ló yẹ kó ṣẹ́wọ́. Bíi mẹ́rin ló máa ṣẹ́wọ́. Wọ́n á fojú ara wọn rí i.

Ẹfun_Bọ́ọ̀dù
Ó dáa, mo gbọ́ ti báàgì. Àmọ́ tí wọ́n bá ń dá páálí náà padà kí ẹlòmíì tó mú, ṣebí nǹkan kan náà ni? Kò pọn dandan ká máa wá owó ẹyọ kiri.

Àgbà_Láàbù
Tí wọ́n bá dá a padà, tí wọ́n sì rú u pọ̀, ìṣirò ẹ̀ á tọ̀nà, mi ò jiyàn. Ohun tó kù tí mi ò fẹ́ níbẹ̀ ni pé ọmọ tó ti délé ni wọ́n ń mú jáde, wọn ò rí bàbá, wọn ò rí ìyá. Akẹ́kọ̀ọ́ ò ní rí i pé S kan wá láti apá ọ̀tún, S kejì láti apá òsì, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀kọ́ yẹn wà, pé èèyàn méjì tí ara wọn le ni wọ́n jọ fún ọmọ náà ní S méjì. Mo ti gbọ́ kí àwọn ọmọ máa sọ pé ìyá ló kó o ran ọmọ. Owó ẹyọ méjì kì í jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fìdí múlẹ̀, torí kí SS tó jáde, owó bàbá náà gbọ́dọ̀ ṣí S sókè.

Ayọ̀_Délé
Ẹ ẹ̀ tíì sọ ti O pọ́sítíìfù. O pọ́sítíìfù lèmi, O négétíìfù lẹni tí mo fẹ́ fẹ́, ẹnì kan ní ká ṣọ́ra ká má lọ bí SS. Èwo ni ká ṣe?

Àgbà_Láàbù
Ìyẹn yàtọ̀ o, Ayọ̀_Délé. Irú ẹ̀jẹ̀ ni O pọ́sítíìfù àti O négétíìfù, jẹ́nótáìpù ni AA, AS, SS, orí jíìnì míì ni kálukú wọn wà, ọ̀kan ò sọ nǹkan kan nípa èkejì. Ẹ lọ yẹ jẹ́nótáìpù yín wò, ẹ̀yin méjèèjì, lọ́tọ̀. Ti pọ́sítíìfù àti négétíìfù, tó bá jẹ́ obìnrin ni négétíìfù, ẹ sọ fún àwọn tó máa tọ́jú oyún, wọ́n ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń fún un. Kò kan SS rárá.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ fi èyí náà sọ́kàn, àwọn ọmọ kíláàsì máa ń pò ó pọ̀ bẹ́ẹ̀, torí inú pépà kan náà ni wọ́n sábà máa ń kọ méjèèjì sí.

EegunMi
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀. SS lèmi. Nílé ìwé girama tí mo lọ, nígbà tí wọ́n kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí, tíṣà ya àpótí yẹn, ó fi ẹfun pupa kun ojú SS, ó kọ ikú síbẹ̀, gbogbo kíláàsì sì yíjú sí mi. Mi ò tún lọ sí kíláàsì yẹn fún ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ni, ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jókòó síwájú yín láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Mo ti dàgbà, mo ń ṣiṣẹ́, mo ń lo oògùn mi, ìrora máa ń dé, ó sì máa ń lọ. Ẹ sọ bí àìsàn náà ṣe le tó, ẹ má fi pamọ́, àmọ́ ẹ má kọ ikú sórí mi.

Mo tún ní ìbéèrè. Àbúrò mi ò ní àìsàn kankan, kò sì tíì yẹ jẹ́nótáìpù ẹ̀ wò. AS làwọn òbí wa méjèèjì. Ṣé ìdajì-ìdajì ni pé AS lòun náà?

OníṢírò
Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Ti àbúrò yín, ó ju ìdajì lọ. Ẹ ya àpótí yẹn, ojú mẹ́rin, AA, AS, AS, SS. A ti mọ̀ pé kì í ṣe SS, torí náà ẹ pa ojú yẹn rẹ́. Mẹ́ta ló kù, méjì nínú mẹ́ta yẹn sì ni AS. Méjì nínú mẹ́ta ni ti àbúrò yín, bíi 67 nínú 100. Kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa fẹ́.

Olùkọ́Tuntun, ìbéèrè yìí dáa fún ìdánwò, torí ọmọ tó bá há àpótí sórí lásán á kọ ìdajì. Ẹni tó yé á pa ojú kan rẹ́ kó tó kà.

EegunMi
Ó yé mi, mo máa sọ fún un lálẹ́ yìí.

Olùkọ́Tuntun
Ẹ ṣé gan-an gbogbo yín. Mo máa lo owó ẹyọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nǹkan míì tí wọ́n bi mí tí mi ò tíì dáhùn bó ṣe wù mí nìyí: tí bàbá bá ní S lára, kí ló dé tí kò ṣàìsàn?

Ẹfun_Bọ́ọ̀dù
A ló borí S. Ẹ sọ fún wọn bẹ́ẹ̀, A lọ̀gá, S ń sá pamọ́ sábẹ́ ẹ̀. Gbogbo ìwé ló wí bẹ́ẹ̀.

Àgbà_Láàbù
Fún àìsàn, ó rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ní A kan kì í ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Àmọ́ S ò sá pamọ́ o. Tí mo bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni AS wò ní láàbù, ìlà méjì ni mo máa ń rí, ti A àti ti S, S á sì tó bíi 35 sí 45 nínú 100, A ló máa ń pọ̀ jù. Ṣebí bá a ṣe ń mọ̀ pé AS ni nìyẹn? Ká ní ó sá pamọ́ lóòótọ́, AA là bá máa kọ sórí pépà gbogbo wọn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé nínú sẹ́ẹ̀lì pupa kan náà, hẹmoglóbìn A àti S ló jọ wà níbẹ̀. S, tó bá ti gbé ọ́síjìn ẹ̀ sílẹ̀ tán, ó máa ń fẹ́ lẹ̀ mọ́ S ẹgbẹ́ ẹ̀, wọ́n á so kọ́ra bí okùn gígùn, okùn yẹn ló ń fa sẹ́ẹ̀lì gùn tó fi ń rí bíi dòjé. Nínú ẹni SS, S ló kún ibẹ̀, wọ́n á tètè rí ara wọn. Nínú ẹni AS, A pọ̀ láàárín wọn, kì í jẹ́ kí wọ́n so kọ́ra dáadáa, torí náà sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ kì í sábà tẹ̀. Ohun tí mo máa sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn.

Ẹfun_Bọ́ọ̀dù
Ọmọ girama ni wọ́n o, ọ̀gá. Ẹ bá sọ ìyẹn fún wọn, tí ìdánwò bá dé, tí wọ́n bi wọ́n pé èwo ló borí, kí ni wọ́n fẹ́ kọ? Wọ́n á kàn dàrú ni. Èmi ò ní sọ ọ́.

Àgbà_Láàbù
Mo gbọ́. Èmi ti rí ẹni AS tó sọ pé òun ò gbé nǹkan kan torí wọ́n kọ́ ọ pé A ti borí ẹ̀. Bó ṣe wá jẹ́ pé ẹ̀rí méjèèjì wà, ẹni tó ń kọ́ wọn ló máa mọ ohun tí kíláàsì ẹ̀ lè gbé.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́
Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ má ní káwọn ọmọ mú jẹ́nótáìpù tiwọn àti tàwọn òbí wọn wá sí kíláàsì kí wọ́n fi ya àpótí. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu tíṣà. Ká ní ọmọ kan mú AA wá, pépà ìyá ẹ̀ sì ní SS. Kò sí ojú kankan nínú àpótí tó lè gbé ìyẹn jáde, torí S ni gbogbo ẹyin ẹni SS ń gbé. Lójú kíláàsì, lójú gbogbo èèyàn, ọmọ yẹn á máa ronú pé bóyá wọ́n kọ́ ló bí òun. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé pépà ni ò tọ̀nà. Mo ti rí i kí wọ́n kọ AS fún ẹni SS torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára ni, A ẹlẹ́jẹ̀ ni wọ́n rí. Ẹ lo ìdílé tẹ́ ẹ hùmọ̀ fúnra yín, tàbí èyí tí owó ẹyọ bí.

Olùkọ́Tuntun
A ti ṣe é o! Kíláàsì ò gba ariwo. Iye tó dìde dúró ò jìnnà sí èyí tí OníṢírò sọ, nígbà tí mo sì ní káwọn tí ẹ̀kẹrin wọn jẹ́ SS ṣẹ́wọ́, márùn-ún ló ṣẹ́wọ́, àwọn yòókù ń wo ara wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ti kọ ọ̀kan nínú mẹ́rin báyìí. Ọmọkùnrin kan ṣì ń bá mi jà, ó ní òun mọ ìdílé kan tí ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ SS, pé ibo ni ọ̀kan nínú mẹ́rin wà ńbẹ̀.

OníṢírò
Ẹ bá a ṣe é: 1/4 × 1/4 × 1/4 = 1/64. Ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ nínú tọkọtaya 64 tó bí mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ lè bá ọ̀kan pàdé. Ṣé kò sí ìdílé kankan lójú bọ́ọ̀dù yín tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SS méjì tẹ̀ léra? Ẹ fi han án. Ti ẹ̀kẹrin ìdílé tó mọ̀ yẹn náà, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni.

Olùkọ́Tuntun
Méjì wà ńbẹ̀, mo máa pè é wá wò ó. Ọmọbìnrin kan tún bi mí pé tí bàbá bá jẹ́ AS, tí ìyá jẹ́ AC, ṣé wọ́n bọ́ nìyẹn, torí S kan ṣoṣo ló wà nínú ilé?

Àgbà_Láàbù
Wọn ò bọ́ o. Ẹ yọ pépà ara owó ìyá, kẹ́ ẹ kọ A lójú kan, C lójú kejì, ti bàbá á ṣì jẹ́ A àti S. Ẹ ní kí wọ́n tún jù ú. AA, AC, AS, SC ló máa jáde, ọ̀kan nínú mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. SC náà jẹ́ àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ó sábà máa ń rọra ju SS lọ, àmọ́ ó máa ń ba ojú jẹ́, àwọn míì ò sì mọ̀ pé àwọn ní in títí wọ́n fi dàgbà. Kó kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ pé S kan tó, tí C bá wà lápá kejì.